Ọmọ Ìbátan Láti Abúlé Nílé Èkó: Kí Ni Oníkálukú Ń Retí?

Nígbà tí bàbá kan ní abúlé bá fa ọmọ rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Èkó lọ́wọ́, gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀ ni yóò sọ: "Ọmọ rẹ nìyí o. Ohun tí o bá ṣe fún tìrẹ ni kí o ṣe fún un." Àbúrò á dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwé tí ọmọ náà yóò lọ, ẹni tí yóò san owó ìdánwò, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe nínú ilé, tàbí ìgbà tí yóò padà lọ kí ìyá rẹ̀. Èrò mi ni pé inú gbólóhùn yẹn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ènìyàn mẹ́rin ló gbọ́ ọ, oníkálukú sì gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: òbí ọmọ, bàbá ilé, ìyá ilé, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Mo máa wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbọ́, ṣùgbọ́n orí wákàtí ọmọ ni mo ti máa pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni gbèsè tó wúwo jù wà.

Àṣà fífa ọmọ lé ìbátan lọ́wọ́ kí ó lè kàwé ti pẹ́ láàárín wa. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, abúlé tó ní ilé ìwé kò tó nǹkan. Ọmọ tí yóò kàwé ní láti lọ gbé lọ́dọ̀ tíṣà, lọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ, tàbí lọ́dọ̀ ìbátan tó wà nílùú tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé ìwé sí. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ bí ó ṣe rí: lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1920, ó ní láti máa ṣiṣẹ́ nílé onílé kí ó tó lè kàwé. Nínú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, tó jáde lọ́dún 1981, ilé ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kún fún àwọn ọmọ ìbátan àti ọmọ tí a gbà tọ́.

Ohun kan ti yí padà láti ìgbà náà, tí a kì í sábà kíyè sí. Púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń mú ọmọ lọ láyé ìgbà yẹn, ilé tíṣà ni. Tíṣà ti ń padà sílé lọ́sàn-án, ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tó pọnmi fún un láàárọ̀ ni yóò tún jókòó sí kíláàsì níwájú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń tòògbé lórí ìwé, tíṣà á rí i, á sì mọ ohun tó fà á. Ilé Èkó òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ilé ti jáde ní aago márùn-ún ìdájí kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ìyá ilé wà ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí ilé náà ṣaláìní ni ẹni tí yóò wà nílé. Láìsí pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi, ipò yẹn ni ọmọ tó ti abúlé dé ń bọ́ sí.

Òbí ní abúlé gbọ́ gbólóhùn yẹn bí ìlérí pé ọmọ òun àti ọmọ ilé yóò dọ́gba nínú ohun gbogbo, títí kan ilé ìwé. Wọn kì í sábà mọ iye tí ilé ìwé aládàáni ń gbà ní Èkó lọ́dún. Bàbá ilé gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ibùsùn: òun yóò bọ́ ọ, òun yóò sì fi sí ilé ìwé ìjọba, níbi tí owó ilé ìwé ti di ọ̀fẹ́ láti ìgbà ìjọba Látéèfù Jákàńdè, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979. Ìyá ilé, lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti fèsì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tó gbọ́. Òun sì ni ẹni tí ọmọ náà yóò máa bèèrè ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sọ fún ní ìkọ̀kọ̀ bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ìdílé yóò sì bá wí bí ọmọ bá rù. Mo gbà pé ọkọ tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gba ọmọ ìbátan ti ṣe ọmọ náà níbi kí ó tó dé ibùdókọ̀. Inú ìyá ilé tí wọn kò bi ní èrò rẹ̀ kì í dùn, orí ẹni tó kéré jù nínú ilé ni ìbínú náà sì ń já sí.

Ní ti ìyàtọ̀ ilé ìwé, n kò rí i bí ìwà ìkà pé kí ọmọ ilé máa lọ sí aládàáni kí ọmọ ìbátan máa lọ sí ti ìjọba. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tó burú ni kí a fi pamọ́ fún òbí títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò tó wá ṣe ọdún nílé. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni ìyàtọ̀ míì wà tí n kò lè gbà láyé: ẹran nínú ọbẹ̀, ibi tí a ń sùn, iná tí a fi ń kàwé, oògùn nígbà tí ara bá gbóná. Owó ilé ìwé lè kọjá agbára ẹni. Abọ́ oúnjẹ kò kọjá agbára ẹni tó ní òun lè gba ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan, kí a sì tẹ̀ lé e. Ká ní ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 ni, ó ti abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kejì ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì dé ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Agége lóṣù kẹsàn-án.

Ìwé rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Ilé ìwé tí yóò gbà á máa ń bèèrè ìwé ìbí, èsì sáà tó kọjá, àti ìwé ìgbéṣípòpadà láti ilé ìwé tó ti ń bọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé ní abúlé, ẹni kan á tún ní láti wọkọ̀ padà lọ gbà á, sáà á sì ti rìn jìnnà kí ó tó dé. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ńlá kan ti ń wáyé: bàbá ilé, nítorí ìfẹ́ tàbí nítorí kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, á fi orúkọ ìdílé tirẹ̀ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni wọ́n kọ sí ìwé kan, wọ́n kọ ti ìsàmì sí òmíràn. Kò sí ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ó bá fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì, tí ó sì fẹ́ gba fọ́ọ̀mù Jáḿbù, ni gbogbo rẹ̀ yóò tú jáde. Láti ọdún 2021 ni Jáḿbù ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí nọ́ńbà náà ni wọ́n sì ń lò. Bí èyí tó wà nílé ìwé bá yàtọ̀ sí i, ó di ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, àti ìnáwó tí kò sẹ́ni tó múra rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí òbí gba ìwé ìbí láti ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún un kí ó tó kúrò ní abúlé, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí i. Bàbá ilé lè jẹ́ alágbàtọ́ lórí fọ́ọ̀mù ilé ìwé láìfi orúkọ rẹ̀ rọ́pò ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun kejì ni kíláàsì. Ilé ìwé á dán ọmọ náà wò, wọ́n á sì ní kí ó tún ọdún kejì ṣe. Bàbá tó wà ní abúlé á gbọ́ ọ bí àbùkù. Á rò pé àbúrò òun fẹ́ fi ọmọ òun pẹ́ nílé kí ó lè rí ẹni ṣiṣẹ́. Ní ti èmi, ìmọ̀ràn ilé ìwé sábà máa ń dára nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kẹta ni wọ́n ń ṣe ìdánwò àṣejáde ìpele kékeré, tí ìpín sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà tàbí ìṣòwò sì ń dúró lé lórí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ bí tíṣà Èkó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, lè fi ìdánwò kan pàdánù ohun tí ó lè ṣe dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní tàbí ti ìpele àgbà ni ó rọrùn jù láti mú ọmọ wá. Ohun tó léwu jù ni kí a mú un wá nígbà tó ku ọdún kan sí Wáẹ́ẹ̀kì, nítorí ilé ìwé ń fi máàkì àwọn ọdún tó ṣáájú ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ náà ní olódo nítorí pé Yorùbá ni ó fi ń ronú. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá ń fi ọmọ abúlé ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ahọ́n rẹ̀, ojúṣe ìyá ilé ni láti dá wọn lẹ́kun ní ọjọ́ kìíní, nítorí ọmọ tó bá ń bẹ̀rù àtilanu nílé kò ní nawọ́ ní kíláàsì.

Wàyí o, wákàtí. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí ọmọ ìbátan ṣiṣẹ́ ilé. Ó ń ṣe é lábúlé, iṣẹ́ ibẹ̀ tilẹ̀ le ju ti Èkó lọ. Ọmọ Yorùbá tí kò gbálẹ̀, tí kò pọnmi, tí kò kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀, a kò tọ́ ọ ni. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni: mélòó nínú wákàtí ọmọ náà ni ó kù fún ìwé nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń là? Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ ọmọ wa yìí bí mo ti mọ̀ pé ó ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi láti ibi bohóòlù, ó se ìrẹsì tí àwọn ọmọ kéékèèké yóò gbé lọ, ó wẹ̀ fún wọn, ó sì sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀ ilé ìwé wọn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá dé ilé ìwé, àpéjọ òwúrọ̀ ti tú, ó di kí ó kúnlẹ̀ nídìí géètì. Ilé ìwé jáde ní nǹkan bí aago méjì. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń ta ọjà títí di aago mẹ́jọ. Ó dé ilé, ó ro àmàlà tàbí ó tẹ ẹ̀bà, ó fọ abọ́, ó wá jókòó ti ìwé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Kò ju ojú ìwé kan lọ tí oorun fi gbé e lọ. Bí ẹ bá bi ìyá ilé náà, yóò búra fún yín pé òun kò lù ú, òun kò fi ebi pa á, òun sì fi sílé ìwé. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá kò rí àyè kankan nínú ọjọ́ náà.

Kò gba ọgbọ́n ńlá láti tún un ṣe. Kí iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ má ju omi àti ilẹ̀ lọ, kí àwọn ọmọ ilé tó ti tó ọdún mẹ́jọ sì máa wẹ̀ fúnra wọn. Kí ó gba ilé wá láti ilé ìwé, kí ó jẹun, kí ó sinmi, kí ó ṣe iṣẹ́ ilé bíi wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Láti aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó jẹ́ ti ìwé, kí ẹnikẹ́ni má pè é níbẹ̀, ì báà ṣe láti lọ ra káàdì ìpè nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ ti ọjọ́ Sátidé. Bí ilé kan bá wo ètò yìí tí ó sì rí i pé ọjà òun kò lè rìn láìsí ọmọ náà, ó yẹ kí ó sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ni òun ń wá, kí ó sì gba àgbàlagbà tí yóò máa sanwó oṣù fún.

Òfin pàápàá kan ibí yìí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Èkó sì sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2007, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé tirẹ̀ tàbí àárín ẹbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn, wọ́n á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni." Ṣùgbọ́n òfin kan náà àti ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn pé kí ọmọ kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ìpele kékeré girama, ojúṣe náà sì wà lọ́rùn alágbàtọ́ bí ó ti wà lọ́rùn òbí. Lápá àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Fọ̀n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomẹgọn, òfin ọdún 2006 ti fa ìlà sí bí a ṣe lè mú ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Báwo ni òbí tó wà lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn yóò ṣe mọ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ? Orí fóònù kò tó. Fóònù ìyá ilé ni ọmọ ń lò, ohùn ń jáde síta, gbogbo ilé ń gbọ́. Kí ni yóò sọ ju "Mo wà dáadáa, ẹ kú iṣẹ́ o" lọ? Kí òbí bẹ̀bẹ̀ fún àkókò kan lọ́sẹ̀ tí ọmọ yóò gbé fóònù lọ sí kọ̀rọ̀, kí bàbá ilé má sì kà á sí àìgbẹ́kẹ̀lé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òbí bèèrè ìwé èsì ìparí sáà, kí a ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ bí ọ̀nà bá jìn. Kí ó má kọ́kọ́ wo máàkì. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé èsì, àyè kan wà tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí ilé ìwé ṣí, iye ìgbà tí ọmọ wá, àti iye ìgbà tí ó tètè dé. Ibẹ̀ ni kí ó wò. Ọmọ tó pa ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ tí ara rẹ̀ sì le, ilé ló dá a dúró. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá wá fún ọdún, kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ bá kún, tí àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ àkọlé lásán tí kò sí nǹkan nísàlẹ̀, ọmọ náà ń pẹ́ dé kíláàsì tàbí ó ń sùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹbí kì í fẹ́ sọ jáde, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Ọmọbìnrin tó ń sùn sí pálọ̀, níbi tí ọkùnrin àlejò, dẹ́rẹ́bà tàbí ọmọ ilé tó ti dàgbà ń gbà kọjá lóru, wà nínú ewu. Kí ó sùn sí yàrá tó ní ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú obìnrin mìíràn tàbí àwọn ọmọbìnrin ilé. Kí ó mọ ẹnìkan lóde ilé yẹn tí ó lè sọ̀rọ̀ fún: àǹtí kan nínú ẹbí, tíṣà obìnrin, ìyàwó àlùfáà. Bí ọmọ bá ní ẹnìkan fọwọ́ kan òun, kí ìyá ilé kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ilé tí ó bá kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé o ò fẹ́ da ilé mi rú ni?" ti pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ní Èkó, ibùdó ìtọ́jú Mírábẹ́lì tó wà ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá abẹ́lé.

Ọmọ náà ní ojúṣe tirẹ̀, n kò sì fẹ́ fò ó. Kí ó má máa kó ọ̀rọ̀ yàrá ọkọ àti aya lọ sí abúlé nígbà ọdún. Kí ó bèèrè kí ó tó fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀. Gáàsì ìdáná ti jó ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti inú ilé ààrò igi wá, nítorí kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n bí a ṣe ń ti ẹnu sílíńdà pa kí a tó sùn. Kí ó mọ nọ́ńbà fóònù méjì sórí, kí ó sì mọ orúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ilé. Bí owó bá sọnù nínú ilé, kí ó sọ ohun tó mọ̀. Kí àwọn àgbà náà sì wá owó náà dáadáa kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Òbí náà kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Èlùbọ́, gààrí àti epo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nígbà ìkórè jẹ́ ohun tí ìyá ilé ń rí, tí ó sì ń rántí nígbà tí inú bá ń bí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó Wáẹ́ẹ̀kì ni kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí láti ọdún tí ọmọ bá wọ ìpele àgbà: kí òbí máa dá èsúsú díẹ̀díẹ̀ lórí irè oko, kí bàbá ilé sọ iye tí òun lè fi kún un. Ilé tí kò bá sọ ọ́ títí di oṣù tí wọ́n ń sanwó, ọmọ ni yóò dúró nílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀.

Bí ó bá sì di pé kí ọmọ padà, yálà nítorí àìsàn, ìjà, tàbí nítorí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ilé, kí wọ́n má gbé e sọ́kọ̀ lójijì láàárín sáà. Kí wọ́n dúró kí ó ṣe ìdánwò sáà náà tán, bí kò bá sí ewu. Kí wọ́n gba ìwé ìgbéṣípòpadà lọ́wọ́ ilé ìwé, kí wọ́n kó gbogbo èsì rẹ̀, ìwé ìbí rẹ̀ àti ìwé nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú àpò kan, kí àgbàlagbà kan sì bá a lọ dé abúlé, kí ó fà wọ́n lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ọmọ náà.